Owó iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn ìlú ọba: kí ló dé tí owó oṣù kì í fi í dọ́gba?

Ìpè kan wà tí kò ṣàjèjì mọ́ nínú àwọn ìdílé tó ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní ìlú ọba. Ẹni tó wà nílé á ní, "Àǹtí, oṣù tó kọjá ẹ fi owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ránṣẹ́, ẹ tún fi ti oògùn Ìyá kún un. Kí ló wá dé ní oṣù yìí?" Àǹtí á dáhùn pé, "Iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n fi mí sí." Ìdáhùn yìí kì í tẹ́ ẹni tó béèrè lọ́rùn. Lójú tirẹ̀, ilé ìwòsàn kan náà ni, ipò kan náà ni, wákàtí kan náà sì ni. Báwo ni ọ̀sán àti òru ṣe lè sọ owó oṣù èèyàn di méjì?

Òótọ́ ni Àǹtí ń sọ. A ó fi ìṣirò hàn níwájú pé nọ́ọ̀sì kan tí kò fi wákàtí kan kún iṣẹ́ rẹ̀ lè gba £350 ju ti oṣù mìíràn lọ sínú báńkì, nítorí àkókò tó ṣiṣẹ́ nìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ìkìlọ̀ ní 30 oṣù Keje ọdún 2025, tí wọ́n sì dá a dúró ní 2 oṣù Kẹjọ, àláwáǹsì iṣẹ́ alẹ́ àti iṣẹ́ ìyípo wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè fún. Ìráhùn wọn ni pé owó náà kéré, kò sì bá ọjà rìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé wọn kì í kọ iye owó kan pàtó sílẹ̀ fún òru. Ìdá kan nínú owó wákàtí òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń san, tó bẹ́ẹ̀ tí àfikún náà fi ń ga sí i fúnra rẹ̀ bí owó oṣù bá ga. Nígbà tí ìjọba fi ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó àwọn òṣìṣẹ́ NHS ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 2025 sí 2026, owó òru bá a gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún jà fún un lọ́tọ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ó ní ihò tirẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa sì máa ń já sínú rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó dúró lé lórí, a ó sì fẹnu ba ilé ìtọ́jú arúgbó aládàáni ní ìparí, nítorí pé ibẹ̀ ni òfin ti yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí òru ṣe ń di owó. Láti Mọ́ńdè sí Jímọ̀, wákàtí tí NHS kà sí òru ni agogo mẹ́jọ alẹ́ sí agogo mẹ́fà àárọ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, láti agogo méjìlá òru dé agogo méjìlá òru kejì, ni wọ́n ń san bí òru, ìbáà jẹ́ ọ̀sán gangan ni èèyàn fi ṣe é. Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba ló wọ́n jù. Fún nọ́ọ̀sì tó wà ní Báńdì 5, àti gbogbo ẹni tó wà láti Báńdì 4 sókè, òru àti Sátidé ń fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wákàtí, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi sì ń fi ìdá 60 kún un.

Òfin kékeré kan wà níbẹ̀ tó níye lórí gan-an. Bí iṣẹ́ ọjọ́ lásán bá wọ inú òru, wọn yóò wo iye rẹ̀ tó bọ́ sáàárín agogo mẹ́jọ alẹ́ sí agogo mẹ́fà àárọ̀. Bí ohun tó bọ́ síbẹ̀ bá ju ìdajì lọ, gbogbo wákàtí iṣẹ́ náà ló máa gba àfikún, títí kan èyí tó bọ́ síta. Bí kò bá ju ìdajì lọ, wákàtí tó wà nínú òru nìkan ni wọn yóò san àfikún lé. Ẹni tó ṣiṣẹ́ láti agogo méjì ọ̀sán sí agogo mẹ́wàá alẹ́ yóò gba àfikún wákàtí méjì péré. Ẹni tó ṣe é láti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí agogo kan òru ti ní wákàtí márùn-ún nínú òru, ìyẹn ju ìdajì mẹ́jọ lọ, nítorí náà yóò gba àfikún lórí gbogbo rẹ̀. Fún ìdí èyí, bí ọ̀gá wọ́ọ̀dù bá ní kí a sún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ sẹ́yìn tàbí síwájú ní wákàtí kan, ọ̀rọ̀ owó ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn nìkan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ká máa pè é ní Àǹtí bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń pè é. Ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ Báńdì 5, owó ọdún rẹ̀ ní 2025 sí 2026 jẹ́ £31,049. Bí a bá pín in sí oṣù méjìlá, ó jẹ́ £2,587. Bí a bá pín in sí wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀, wákàtí kan jẹ́ £15.88. Èyí ni owó ìpìlẹ̀ rẹ̀, òun ló dúró gbọin. Ìdá 30 nínú £15.88 jẹ́ £4.76, ìyẹn ni ohun tí wákàtí òru kan ń fi kún un. Ti Sọ́ńdè jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, £9.53.

Iṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje ààbọ̀ alẹ́, ó sì parí ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Wọ́n yọ wákàtí ìsinmi kan tí wọn kì í sanwó fún, ó ku wákàtí 11.5. Wákàtí mẹ́wàá nínú rẹ̀ bọ́ sínú òru, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ló gba àfikún. Alẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ wá ń mú £54.79 wọlé lórí owó ìpìlẹ̀. Alẹ́ Sátidé sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí agogo méjìlá òru bá ti lù, Sọ́ńdè ló wọlé: wákàtí 4.5 àkọ́kọ́ ń gba ìdá 30, méje tó kù ń gba ìdá 60, ó sì jẹ́ £88.13. Alẹ́ Sọ́ńdè yí i padà, tí Sọ́ńdè fi wà níwájú tí Mọ́ńdè sì wà lẹ́yìn, ó jẹ́ £76.22. Ọ̀sán Sọ́ńdè kan gbáko jẹ́ £109.57. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀sán Sọ́ńdè kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òru méjì láàárín ọ̀sẹ̀, èèyàn sì sùn sórí ibùsùn rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní oṣù kan, Àǹtí ṣiṣẹ́ ìgbà mẹ́rìnlá. Márùn-ún jẹ́ ọ̀sán láàárín ọ̀sẹ̀, èyí tí kò ní àfikún kankan. Mẹ́fà jẹ́ òru láàárín ọ̀sẹ̀, alẹ́ Sátidé kan, alẹ́ Sọ́ńdè kan, àti ọ̀sán Sọ́ńdè kan. Bí a bá ro gbogbo àfikún náà pọ̀, ó di £603 ó dín díẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ohunkóhun kúrò jẹ́ £3,190 dípò £2,587. Bí rósítà rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀sán láàárín ọ̀sẹ̀ nìkan ní oṣù tó tẹ̀ lé e, £603 yẹn ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ iye wákàtí tó ṣiṣẹ́ kò yí padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: £603 kọ́ ló ń dé ọwọ́. Ohun mẹ́ta ló máa ń gé e. Owó orí ń mú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá kọjá £12,570 lọ́dún. Owó ìnṣọ́ránsì ìjọba ń mú ìdá 8 lórí ibi kan náà. Èkejì kò tó ìkẹta lágbára ìyàlẹ́nu, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì. Àfikún òru wà lára owó tí wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì NHS, ìdá tí wọ́n sì ń yọ ń ga bí owó ọdún èèyàn ṣe ń ga. Owó ìpìlẹ̀ Àǹtí nìkan bọ́ sí ipele tí wọ́n ti ń yọ ìdá 8.3. Bí òru rẹ̀ bá gbé owó ọdún rẹ̀ sí nǹkan bíi £38,000, ó ti bọ́ sí ipele ìdá 9.8. Kì í ṣe apá tó lé nìkan ni wọn yóò fi ìdá tuntun yìí yọ, gbogbo owó náà ni, títí kan owó ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti ń yọ 8.3 lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí a bá ṣe ìṣirò yìí dé òpin, oṣù tí kò sí òru, nínú ọdún tí kò sí òru, ń fi nǹkan bíi £1,984 sínú báńkì Àǹtí. Oṣù olóru tí a ṣàpèjúwe yẹn ń fi £2,340 síbẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ £356. Nínú £603 tó fi ojú òru ṣe, £247 ti gba ọ̀nà mìíràn lọ. Bí ipele owó ìfẹ̀yìntì kò bá yí padà ni, nǹkan bíi £38 ni ì bá tún kù sí i lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù. A kò sọ pé owó ìfẹ̀yìntì ti ṣòfò o, ó ń bọ̀ wá ba èèyàn lọ́jọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka òru sí £603 nígbà tó ń ṣèlérí owó ilé-ìwé ti kọsẹ̀ kí oṣù tó parí.

Èyí tó tún ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàmú ni pé owó ìpìlẹ̀ àti àfikún òru kì í jọ rìn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, owó ìpìlẹ̀ oṣù yìí ni wọ́n ń san ní oṣù yìí, ṣùgbọ́n àfikún òru oṣù yìí di oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án, tó sì fi gbogbo oṣù náà ṣe òru, kò ní rí àfikún kan nínú ìwé owó oṣù Kẹsàn-án rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Ohun tó yẹ ni pé kí èèyàn ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tó ṣe sí, kó sì fi ti oṣù tó kọjá wé ìwé owó oṣù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé owó oṣù máa ń ya òru àti Sátidé sí ìlà kan, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi sí ìlà mìíràn, pẹ̀lú iye wákàtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye wákàtí yẹn ni kí ẹ kà, kì í ṣe owó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn méjì ṣe pààrọ̀ iṣẹ́ lẹ́nu, wọn kò sì yí i padà lórí rósítà orí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó sùn nílé á gba owó òru, ẹni tó jí kalẹ̀ á gba owó ọ̀sán.

Ọ̀ràn kejì kan àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, òun ló sì yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ètò yìí. Báńdì 2 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Nítorí pé owó ìpìlẹ̀ wọn kéré, NHS fi ìdá tó ga jù fún wọn: òru àti Sátidé jẹ́ ìdá 41, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi jẹ́ ìdá 83. Ní Báńdì 3, ó wálẹ̀ sí 35 àti 69. Ní 2025 sí 2026, owó ọdún Báńdì 2 jẹ́ £24,465, wákàtí kan £12.51. Ìbẹ̀rẹ̀ Báńdì 3 jẹ́ £24,937, wákàtí kan £12.75. Kọ́bọ̀ 24 péré ló wà láàárín wọn.

Ẹ wá wo òru. Wákàtí òru kan fún ẹni Báńdì 2, tí a bá ro owó ìpìlẹ̀ àti àfikún pọ̀, jẹ́ £17.64. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Báńdì 3, ó jẹ́ £17.22. Ní Sọ́ńdè, £22.90 ni ti Báńdì 2, £21.55 ni ti Báńdì 3. Ìyẹn ni pé wọ́n gbé èèyàn ga, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i, owó rẹ̀ sì dín kù. Ẹni tó ń ṣe òru mẹ́wàá lóṣù, tí òru kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí 11.5, yóò pàdánù nǹkan bíi £48 lórí òru láàárín ọ̀sẹ̀ nìkan, kí a tó kan Sọ́ńdè. Ẹni tó jẹ́ ọ̀sán láàárín ọ̀sẹ̀ ló ń ṣe ní tirẹ̀ yóò jèrè, nítorí £12.75 ju £12.51 lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí gbóná lọ́wọ́lọ́wọ́ nítorí pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNISON ti ń jà láti ọdún mélòó kan pé àwọn olùrànlọ́wọ́ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tàbí tó ń wo ìfúnpá wọn ń ṣe iṣẹ́ Báńdì 3, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti gbà. Ìjà náà tọ́, ó sì máa ń mú owó ẹ̀yìn wá. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń ṣe òru púpọ̀ tó buwọ́ lu ìwé, kó béèrè ipele tí wọn yóò fi òun sí nínú Báńdì 3. Òkè Báńdì náà ní 2025 sí 2026 jẹ́ £26,598, wákàtí òru kan níbẹ̀ sì jẹ́ £18.36, èyí tó ju ti Báńdì 2 lọ dáadáa. Bí wọ́n bá fi í sí ìbẹ̀rẹ̀, ó lè gba ọdún méjì kí ó tó dé òkè. Béèrè kò ná èèyàn ní nǹkan kan, aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì lè bá a bèèrè.

Nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ Iléyá àti Ìtunu Ààwẹ̀. Wọn kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi ìjọba ní ìlú ọba, nítorí náà ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ náà kò gba ìdá 60 kankan, àyàfi tó bá bọ́ sí Sọ́ńdè. Kérésìmesì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà yóò gba ìdá 60, tàbí 83 bó bá wà ní Báńdì 2, yóò sì tún gba àkókò ìsinmi mìíràn dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ní wọ́ọ̀dù ti mọ èyí, wọ́n á ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn sí Kérésìmesì kí ẹlẹgbẹ́ wọn Kristẹni lè sinmi, kí ẹlẹgbẹ́ náà sì gba ọjọ́ ọdún Iléyá fún wọn. Ó dára kí irú pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lórí rósítà kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìdí tí a sọ lókè.

Ìgbà wo wá ni owó òru ń pòórá? Bí èèyàn bá lọ fún ìsinmi ọdọọdún, kò pòórá, nítorí wọ́n máa ń ṣírò ìpíndọ́gba àfikún tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì san án. Àìsàn ni ìṣòro. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ NHS láti 1 oṣù Keje ọdún 2018 síwájú, owó ìpìlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń san fún un bó bá ń ṣàìsàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn nọ́ọ̀sì wa tó dé ní ọdún àìpẹ́ yìí bọ́ sábẹ́ òfin yìí. Ní ọdún àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìwọ̀n oṣù kan ni owó ìpìlẹ̀ fi máa pé, oṣù méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ààbọ̀. Àǹtí tó ń fi £2,340 ṣètò ilé, bí ẹ̀yìn bá dá a dùbúlẹ̀, yóò bọ́ sí iye tí kò tó £2,000 ní oṣù kan, tàbí kó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì, nítorí àfikún oṣù tó ti kọjá ṣì lè wọlé lẹ́yìn tó ti dùbúlẹ̀. Ó sì jẹ́ pé òru gan-an lè dá àìróorun sùn sílẹ̀.

Fisà ni ibòmíràn tí owó òru kò ti níye. Nígbà tí ìjọba ìlú ọba bá ń wò ó bóyá owó ẹni tó fi fisà òṣìṣẹ́ wọlé tó iye tí òfin béèrè, owó ìpìlẹ̀ tó dájú nìkan ni wọ́n ń kà. Owó òru, owó ìṣẹ́ àfikún àti bónọ́ọ̀sì kò sí nínú rẹ̀, kódà bí ìwé àdéhùn bá sọ pé ó dájú. Nítorí náà, bí aṣojú kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn bá ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, owó òru á gbé e dé ibẹ̀," òfin kò gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ wo iye owó ìpìlẹ̀ tó wà nínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì fi ìyẹn wé iye tí òfin fẹ́.

Gbogbo ohun tí a ti sọ títí di ibí jẹ́ ti NHS, níbi tí àdéhùn kan ti wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú ilé ìtọ́jú arúgbó aládàáni, kò sí òfin ìlú ọba kankan tó ní kí agbanisíṣẹ́ san àfikún fún òru. Ohun tó bá wà nínú ìwé àdéhùn ni. Àwọn kan ń san £1 tàbí £1.50 lé wákàtí, àwọn kan kò san kọ́bọ̀. Ohun tí òfin ní kí wọ́n san ni owó oṣù tó kéré jù, èyí tó jẹ́ £12.21 fún wákàtí kan láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, tó sì di £12.71 láti oṣù Kẹrin ọdún 2026, fún ẹni ọdún 21 sókè.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn agbanisíṣẹ́ kan ń dá níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé ìtọ́jú kan ń san £11.40 fún ọ̀sán, ó sì ń fi £1.50 kún un fún òru, tó fi di £12.90. Lójú ẹni tó ń ṣe òru, ó ti ju £12.21 ọdún 2025 lọ. Ṣùgbọ́n òfin kì í ka àfikún òru mọ́ owó tó kéré jù. Ohun tí wọ́n ń kà ni £11.40, ìyẹn owó tí iṣẹ́ kan náà ń mú wá lọ́sàn-án. Agbanisíṣẹ́ náà jẹ òṣìṣẹ́ ní kọ́bọ̀ 81 lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan, bó bá sì ṣe wákàtí 160 lóṣù, £129.60 ni. Ọ̀nà láti mọ̀ ni pé kí ẹ béèrè owó ọ̀sán nínú ilé náà. Bí owó ọ̀sán àti ti òru bá dọ́gba, £12.90 lásán ni, kò sí àfikún níbẹ̀, kò sì sí ẹjọ́.

Èyí tó tún le jù ni sísùn ní ibi iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ní kí olùtọ́jú sùn sílé ẹni tó ń tọ́jú, kó sì dìde bí ìyẹn bá nílò rẹ̀. Ní 19 oṣù Kẹta ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìlú ọba dájọ́ nínú ẹjọ́ tó kan ẹgbẹ́ aláàánú Mencap pé wákàtí tí olùtọ́jú bá fi sùn kò sí lára wákàtí tí owó tó kéré jù gbọ́dọ̀ bò. Ìgbà tó bá jí láti ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kà. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n fún ní £50 láti sùn láti agogo mẹ́wàá alẹ́ sí agogo méje àárọ̀ kò lè fi wákàtí mẹ́sàn-án pín in, kó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá jí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní òru, tó sì fi wákàtí mẹ́ta ṣiṣẹ́, wákàtí mẹ́ta yẹn jẹ́ wákàtí iṣẹ́ gidi. Kó kọ àkókò tó dìde àti àkókò tó padà sùn sínú ìwé ilé náà ní òru náà gan-an, kó sì ya fọ́tò ojú ìwé owó oṣù rẹ̀ pa mọ́. Àjọ Acas ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ní ìmọ̀ràn lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni àkókò tó kọ sílẹ̀ yẹn.